Iye tí líìdì kan ń ná oníbàárà mi ti gòkè lóṣù yìí. Báwo ni kí n ṣe kọ ímeèlì náà?

Táíwò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kó tó di ọ̀la.

Mò ń bójú tó ìpolówó Google Ads fún oníbàárà kan tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ìṣirò owó wọn. Ẹni tó bá tẹ ìpolówó, tó sì kún fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n wá fi ètò náà han òun, òun là ń pè ní líìdì. Lóṣù tó kọjá, 3,000 dọ́là la ná, líìdì 200 ló wọlé, ìyẹn 15 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lóṣù yìí, iye kan náà la ná, àmọ́ líìdì 125 ni Google Ads kà. Ó wá di 24 dọ́là.

Oníbàárà náà máa ń wọlé wo àkántì fúnra rẹ̀, ó ti rí 24 yẹn kí n tó sọ̀rọ̀. Ìlà kan péré ló kọ sí mi: "Kí ló ṣẹlẹ̀, kí lẹ sì máa ṣe sí i?" Ohun tí mo kọ nìyí, n kò tíì fi ránṣẹ́:

> Ẹ kú iṣẹ́ sà. Inú wa dùn láti fi ìròyìn oṣù yìí jíṣẹ́ fún yín. Ìpolówó yín dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tó sì tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Iye orí líìdì gòkè díẹ̀ nítorí pé ọjà le, àwọn tó ń bá yín du àyè ìpolówó sì ń pọ̀ sí i. A ó máa bá a lọ láti tún ìpolówó náà ṣe kó lè dára sí i. Ẹ ṣeun tí ẹ fọkàn tán wa.

Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí i. Kí ni mo gbọ́dọ̀ yọ, kí ni mo gbọ́dọ̀ fi kún un?

Fọlákẹ́

Táíwò, o ò parọ́, ọjà le lóòótọ́. Nínú àkántì mẹ́rin tí mò ń bójú tó, owó kílíìkì gòkè nínú mẹ́ta. Ohun tí ímeèlì rẹ ṣe aláìní ni ẹ̀rí. Lọ sí Auction insights, níbi tí Google ti ń fi àwọn tó ń bá yín du àyè ìpolówó hàn, kí o wo bóyá orúkọ tuntun ti wọlé tàbí bóyá ẹnì kan ti ń hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ya àwòrán rẹ̀, kí o fi sínú ímeèlì. Bí oníbàárà bá ti fojú ara rẹ̀ rí àwọn tó ń bá a jà, kò ní bá ọ jà mọ́.

Àlàdé

Ti owó iṣẹ́ ni mo mọ̀. Bí o bá fẹ́ fi kún iye tí ò ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà, má ṣe sọ ọ́ nínú ímeèlì ìròyìn. Fún un ní oṣù kan gbáko kó fi múra sílẹ̀, kí o sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọ̀tọ̀.

Táíwò

Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n Àlàdé, àmọ́ owó iṣẹ́ tèmi ò yí padà. Iye tí líìdì kan ń ná oníbàárà lọ́wọ́ Google ló gòkè.

Fọlákẹ́, mo ti wo Auction insights. Orúkọ tuntun kan wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Káyọ̀dé

Táíwò, dúró ná. Ímeèlì kọ́ ni ìṣòro rẹ báyìí. O ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, o sì ti ń wá bí o ṣe máa sọ ọ́. Èyí ló fà á tí ọkàn rẹ ò fi balẹ̀.

Iye orí líìdì kì í dá gòkè. Ohun méjì ló ń gbé e: iye tí kílíìkì kan ń ná, ìyẹn CPC, àti ìdá ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù nínú gbogbo ẹni tó tẹ̀, ìyẹn CVR. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyí, CPL sì ni iye orí líìdì:

```
CPL = CPC / CVR
```

Bí ọjà bá le, CPC ló máa kọ́kọ́ fi hàn. Bí CPC bá dúró síbi tó wà, àmọ́ tí CVR já wálẹ̀, ọjà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà lẹ́yìn kílíìkì: ojú ìwé, fọ́ọ̀mù, tàbí bí a ṣe ń kà á. Kílíìkì mélòó lo rí lóṣù tó kọjá, mélòó lo rí lóṣù yìí?

Táíwò

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kílíìkì 4,000 lóṣù tó kọjá, 3,750 lóṣù yìí.

Káyọ̀dé

Ó dáa. 3,000 dọ́là lórí 4,000, kílíìkì kan jẹ́ 0.75. Lóṣù yìí, lórí 3,750, ó jẹ́ 0.80. Sẹ́ǹtì 5 péré ló fi gòkè. Líìdì 200 nínú 4,000 jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún. 125 nínú 3,750 jẹ́ 3.3.

Ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó yẹ kó kún fọ́ọ̀mù ló ti pòórá. Bí ọjà nìkan bá ni, 0.80 lórí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, dọ́là 16 ni líìdì ì bá jẹ́. Fọlákẹ́, ohun tí o sọ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ dọ́là 1 ni agbára rẹ̀ mọ. Dọ́là 8 yòókù ń bẹ níbòmíì. Bí Táíwò bá fi àwòrán Auction insights ránṣẹ́, tí oníbàárà sì ní ẹnì kan nítòsí tó mọ ìṣirò, ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn parí nìyẹn.

Táíwò, má wo oṣù lódidi. Tú u sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí o wo ọjọ́ tí CVR já. Ohun tó bá já lójijì ní ọjọ́ kan ní ọwọ́ ènìyàn nínú. Ohun tó ń yọ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ọjà tàbí ìpolówó tó ti sú àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ya fóònù sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà.

Bísí

Ẹ jọ̀ọ́, kí ó tó lọ jìnnà: ṣé kì í ṣe pé àwọn líìdì ìparí oṣù ò tíì dé ni? Google Ads máa ń ka líìdì sí ọjọ́ tí ẹni náà tẹ ìpolówó, kì í ṣe ọjọ́ tó kún fọ́ọ̀mù. Ẹni tó tẹ̀ ní ọjọ́ 28, tó wá kún un lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ 28 ló máa bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn fi máa ń dà bíi pé ó burú bí a bá tètè wò ó. Ọ̀wọ́ iye kan wà tó ń jẹ́ Conversions (by conv. time), fi wé èyí tí ò ń wò.

Táíwò

Bísí, mo wò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ náà ni wọ́n máa ń kún un, iye méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Kì í ṣe ìyẹn.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ohun tí mo rí. Láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 13, kílíìkì 1,600, líìdì 80. Ìyẹn 5 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bíi ti oṣù tó kọjá. Láti ọjọ́ 14 dé ìparí oṣù, kílíìkì 2,150, líìdì 45. Kò sí ohun tí mo yí padà lọ́jọ́ yẹn, mo ti wo Change history, òfìfo ni.

Nígbà tí mo ya fóònù sọ́tọ̀, àyà mi já. Láti ọjọ́ 14, líìdì orí fóònù jẹ́ òdo. Kílíìkì orí fóònù ò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, àmọ́ líìdì kan ṣoṣo ò sí.

Káyọ̀dé

Òdo kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà láéláé. Ọjà lè dín nǹkan kù, kì í pa á rẹ́ pátápátá lálẹ́ ọjọ́ kan. Gbé fóònù rẹ, lọ sí ojú ìwé náà, kún fọ́ọ̀mù bíi pé ìwọ ni oníbàárà. Má ṣe fi kọ̀ǹpútà ṣe é.

Táíwò

Mo ti ṣe é. Ohun méjì ni mo rí.

Àkọ́kọ́, fọ́ọ̀mù náà ti yí padà. Ìbéèrè 4 ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: orúkọ, ilé iṣẹ́, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù. Ó ti di 9 báyìí. Wọ́n ń béèrè iye òṣìṣẹ́, ètò tí wọ́n ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́, iye tí wọ́n fẹ́ ná, ìgbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àti ipò ẹni tó ń kún un. Mo ní láti fi ìka fa ojú ìwé náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó rí bọ́tìnì.

Ìkejì, nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì, ojú ìwé náà ò kúrò níbi tó wà. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kan kàn yọ lábẹ́ fọ́ọ̀mù. Bẹ́ẹ̀ táàgì wa dúró lórí ojú ìwé `/thank-you`, ibẹ̀ nìkan ló ti ń ka líìdì. Mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ṣì ń lọ sí `/thank-you`. Fóònù nìkan ni kò lọ.

Mo pe ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá àwọn tó ń tajà ló ní kí ẹni tó ń ṣe ojú ìwé wọn yí fọ́ọ̀mù padà ní ọjọ́ 14. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo ní kí wọ́n bá mi ka àwọn tó wọlé látinú ìpolówó. 150 ni wọ́n rí. Google Ads ka 125. Àwọn 25 yẹn wọlé, àwọn tó ń tajà ti bá wọn sọ̀rọ̀, a ò kàn kà wọ́n ni.

Bísí

Dọ́là 9 rẹ ti pín sí mẹ́ta nìyẹn o, Táíwò. Wò ó bó ṣe ń gun àkàbà: láti 15 sí 16, owó kílíìkì ni. Láti 16 sí 20, àwọn tó rí fọ́ọ̀mù gígùn tí wọ́n sì padà lẹ́yìn ni, nítorí 3,000 lórí líìdì 150 jẹ́ 20. Láti 20 sí 24, àwọn 25 tí a ò kà ni. Dọ́là 1, dọ́là 4, dọ́là 4. Gbogbo ímeèlì rẹ kò ju èyí lọ.

Fọlákẹ́

Mo gbà. Ọjà ni mo kọ́kọ́ sáré mú, n kò wo ohun tó wà lẹ́yìn kílíìkì rárá. Àmọ́ mo ní ìbéèrè: iye orí líìdì tí ó máa sọ fún oníbàárà, ṣé 24 ni àbí 20? Bí líìdì bá jẹ́ 150 lóòótọ́, èmi ò ní dárúkọ 24 mọ́. Kí ló dé tí màá fi gbé iye tí kò jóòótọ́ síwájú ẹni tó ń san owó?

Ìyá Ìbejì

Fọlákẹ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyẹn. Oníbàárà mi kan rí iye kan nínú àkántì, èmi kọ iye mìíràn sínú ímeèlì, mi ò sì ṣàlàyé bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo ní iye tèmi ló jóòótọ́, ó sì jóòótọ́ lóòótọ́. Kò dá mi lóhùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dáhùn, àkọsílẹ̀ gbogbo oṣù tó ti kọjá ló ní kí n kó wá, pé òun fẹ́ mọ ìgbà tí mo ti ń yí iye padà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fi ẹ̀rí hàn pé n kò jalè.

Iye tó ti rí ni kí o kọ́kọ́ kọ, bó ṣe rí i gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí o mú un rìn lọ sí 20, ní ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì.

Káyọ̀dé

Òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Kọ 24, kọ 20, kí o sì sọ ibi tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ti lè rí 150, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì wọn, kì í ṣe tìrẹ.

Ohun tó kù tó le ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. "Ẹ̀yin oníbàárà lẹ yí fọ́ọ̀mù padà láì sọ fún mi": òótọ́ ni, àmọ́ bí o bá kọ ọ́ báyẹn, ọ̀gá àwọn tó ń tajà ti di ọ̀tá rẹ. Òun ló sì máa pinnu bóyá fọ́ọ̀mù máa kúrú. Kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, má dárúkọ ẹni tó ṣe é. "Ní ọjọ́ 14, fọ́ọ̀mù kúrò ní ìbéèrè 4, ó di 9." Ó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ẹni tó ṣe é.

Tìrẹ ńkọ́? Fóònù ka òdo láti ọjọ́ 14, ìwọ ò sì rí i títí oṣù fi parí. Èyí jẹ́ tìrẹ pátápátá. Kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, láì wá àwáwí, láì sì bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹni tó bá ti gba tirẹ̀ ló lè sọ ti ẹlòmíràn kí wọ́n gbọ́.

Táíwò

Ó dùn mí, àmọ́ òótọ́ ni. Ìparí oṣù nìkan ni mo máa ń wo fóònù àti kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ti ohun tí a máa yí padà ńkọ́? Mo fẹ́ kọ pé màá tún táàgì ṣe, màá dá fọ́ọ̀mù padà sí 4, màá kọ ìpolówó tuntun mẹ́ta, màá dín iye tí à ń fi du kílíìkì kù, màá sì ṣèlérí 15 dọ́là fún oṣù tó ń bọ̀.

Káyọ̀dé

O ti pọ̀ jù. Bí o bá yí nǹkan márùn-ún padà lọ́sẹ̀ kan náà, tí iye bá wá sọ̀ kalẹ̀, o ò ní mọ èyí tó ṣe é. Bí ó bá gòkè, o ò ní mọ èyí tó bà á jẹ́, ímeèlì oṣù tó ń bọ̀ yóò sì le ju ti èyí lọ. Ìpolówó rẹ ò ní àìsàn, kílíìkì ń wọlé. Fi í sílẹ̀.

Táàgì lo máa kọ́kọ́ ṣe, lónìí, nítorí ó lè di ìṣòro mìíràn. Ṣé Maximize conversions lo fi ń ṣe é, tí Google fúnra rẹ̀ fi ń pinnu iye tó máa fi du kílíìkì kí líìdì lè pọ̀?

Táíwò

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n.

Káyọ̀dé

Nígbà náà, ohun tí Google ń gbọ́ láti ọjọ́ 14 ni pé fóònù kì í mú líìdì wá. Bí ó bá pẹ́ sí i, yóò máa kó owó kúrò lórí fóònù lọ sórí kọ̀ǹpútà, yóò sì rò pé ọgbọ́n lòún ń ṣe. Nígbà tí o bá ti tún táàgì ṣe, lo Data exclusions fún àwọn ọjọ́ tí kíkà fi bàjẹ́, kó má fi wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́. Kò ní dá àwọn 25 yẹn padà sínú ìròyìn o, ohun tó ń ṣe kò ju pé kó sọ fún ètò náà pé kó má gba ẹ̀rí ọjọ́ wọ̀nyẹn gbọ́.

Ti ìlérí: má ṣèlérí 15. Owó kílíìkì ti di 0.80, kò sì sí lọ́wọ́ rẹ. Bí fọ́ọ̀mù bá padà sí bó ṣe wà, tí 5 nínú ọgọ́rùn-ún bá padà, 16 lo máa rí. Sọ pé ibẹ̀ lo ń retí, sọ ìdí, kí o sì sọ ọjọ́ tí ẹ ó jọ wò ó.

Àlàdé

Mo ti wá lóye ọ̀rọ̀ náà báyìí. Ìbéèrè kan ń jà lọ́kàn mi, nítorí èmi fúnra mi ti tajà rí. Ṣé ẹ mọ ìdí tí ọ̀gá yẹn fi sọ fọ́ọ̀mù di gígùn? Nígbà tí mo wà lẹ́nu títajà, ìdajì àwọn tí wọ́n kó fún wa láti pè ni kò mọ ohun tí wọ́n ń wá. Bí fọ́ọ̀mù gígùn bá lé àwọn aláìmọ̀dí lọ, líìdì 20 dọ́là lè sàn ju ti 15 lọ.

Káyọ̀dé

Ẹ̀gbọ́n Àlàdé, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Kò sẹ́ni tó lè fi iye orí líìdì nìkan dá fọ́ọ̀mù yẹn lẹ́bi. Táíwò, béèrè iye àwọn tó gbà kí wọ́n jọ jókòó sọ̀rọ̀ nínú àwọn 80 ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, àti nínú àwọn 70 tó wọlé láti ọjọ́ 14. Bí wọn ò bá tíì ní i lọ́wọ́, fi ìbéèrè náà sínú ímeèlì. Má ṣe sọ pé fọ́ọ̀mù burú, sọ ohun tó ná wa.

Táíwò

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti tún un kọ. Táàgì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ yìí, nítorí mo ní kí ẹni tó ń ṣe ojú ìwé náà jẹ́ kí fóònù náà máa lọ sí `/thank-you`. Ẹ bá mi wò ó:

> Àkọlé: Ìdí tí líìdì kan fi di 24 dọ́là lóṣù yìí, àti ohun tí a ó yí padà
>
> Ẹ kú iṣẹ́ sà.
>
> Ẹ rí i nínú àkántì pé líìdì kan ná yín ní 24 dọ́là lóṣù yìí. 15 ló jẹ́ lóṣù tó kọjá. Owó tí a ná ò yí padà, 3,000 dọ́là ni. Nínú dọ́là 9 tó gòkè, 4 jẹ́ àṣìṣe kíkà, 5 sì jẹ́ òtítọ́.
>
> Àṣìṣe kíkà náà rèé. Líìdì 150 ló dé ọ̀dọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì yín ṣe fi hàn, àmọ́ 125 ni Google Ads kà. Láti ọjọ́ 14, ẹni tó bá fi fóònù kún fọ́ọ̀mù kì í dé ojú ìwé tí a ti ń kà á mọ́. Ó yẹ kí n ti rí i láàárín ọjọ́ méjì, n kò rí i títí oṣù fi parí. Ẹ má bínú. Bí a bá ka gbogbo wọn, líìdì kan jẹ́ 20 dọ́là.
>
> Nínú dọ́là 5 tó jẹ́ òtítọ́, 1 wá látinú owó kílíìkì, tó kúrò ní 0.75 tó di 0.80 nítorí àwọn tó ń du àyè náà. 4 yòókù bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14, nígbà tí fọ́ọ̀mù kúrò ní ìbéèrè 4 tó di 9. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹni 5 ń kún un nínú ọgọ́rùn-ún tó tẹ ìpolówó. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di bí ẹni 3.
>
> Mo ti ṣe àtúnṣe kíkà náà lónìí, mo sì ti fi fóònù dán an wò. Láti ìsinsìnyí lọ, ní gbogbo ọjọ́ Ajé, màá fi fóònù àti kọ̀ǹpútà kún fọ́ọ̀mù náà, màá sì fi iye tí a kà wé iye tó dé ọ́fíìsì yín.
>
> Ti fọ́ọ̀mù, ọwọ́ yín ni ìpinnu wà, n kò sì fẹ́ kí a fi iye orí líìdì nìkan ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́, mélòó nínú àwọn 80 tó wọlé ṣáájú ọjọ́ 14 ló gbà láti jókòó pẹ̀lú yín, mélòó sì ni nínú àwọn 70 tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀? Bí àwọn ti ẹ̀yìn ò bá dára jù, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìbéèrè padà sí 4, kí àwọn tó ń tajà máa béèrè ìyókù lórí fóònù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mò ń retí kí líìdì kan wà ní nǹkan bíi 16 dọ́là. N kò retí 15, nítorí owó kílíìkì ò tíì padà sílẹ̀.
>
> N kò ní fọwọ́ kan nǹkan mìíràn nínú ìpolówó náà títí di ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí a lè mọ ohun tí àtúnṣe yìí ṣe. Màá kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ náà, ì báà dára, ì báà má dára.

Ìyá Ìbejì

Táíwò, èyí dára. "Ó yẹ kí n ti rí i láàárín ọjọ́ méjì" ni gbólóhùn tó dára jù níbẹ̀, má yọ ọ́. Ohun tí màá yọ ni "nítorí àwọn tó ń du àyè náà". O ò ní ẹ̀rí pé orúkọ tuntun yẹn ló fà á, ohun tí o rí ni pé àwọn méjèèjì ṣẹlẹ̀ lóṣù kan náà.

Fọlákẹ́

Èmi ò gbà láti yọ ọ́. Bí kò bá rí ìdí kankan fún dọ́là 1 yẹn, òun gan-an ló máa béèrè.

Táíwò

Mo kọ "ní oṣù tí ẹni tuntun kan wọ inú ìdíje náà". Mo ti fi ránṣẹ́.

Táíwò *(ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà)*

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Oníbàárà ti dáhùn, kò bínú. Ọ̀gá àwọn tó ń tajà ló fúnra rẹ̀ kó iye náà wá. Nínú 80 ti ìbẹ̀rẹ̀, 20 ló gbà láti jókòó. Nínú 70 ti ẹ̀yìn, 24.

Bísí

Jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀. Kílíìkì 1,600 ní 0.80 jẹ́ 1,280 dọ́là. Lórí ẹni 20, ìjókòó kan ná wọn ní 64. Kílíìkì 2,150 jẹ́ 1,720 dọ́là. Lórí ẹni 24, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 72. Fọ́ọ̀mù kúkúrú ṣì rọjú díẹ̀, àmọ́ àlàfo tó wà láàárín wọn ti kéré gan-an ju bí iye orí líìdì ṣe mú wa rò lọ.

Káyọ̀dé

20 àti 24 kéré jù láti fi dájọ́. Bí ẹni mẹ́ta péré bá kún àwọn 24 yẹn, 64 náà ni yóò jẹ́. Ẹ̀gbọ́n Àlàdé ò ṣàṣìṣe, fọ́ọ̀mù gígùn lé àwọn kan lọ tí kì bá rà. Bóyá ó lé àwọn tó máa rà lọ pẹ̀lú, ìyẹn la ò tíì mọ̀.

Àlàdé

Kí wọ́n wá pín in sí méjì. Ìdajì àwọn tó tẹ̀ rí kúkúrú, ìdajì rí gígùn, fún oṣù kan.

Táíwò

Mo dá a lábàá bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá náà ò fẹ́ fọ́ọ̀mù 9 mọ́ lẹ́yìn tó fi fóònù tirẹ̀ kún un, àmọ́ kò fẹ́ padà sí 4 náà. Ó ní iye òṣìṣẹ́ àti ètò tí wọ́n ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ìyẹn ló fi ń mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ pè. A ti fẹnu kò sí ìbéèrè 6. Pípín sí méjì, 4 fún apá kan, 6 fún apá kejì, ó ní òun á rò ó.

Àwọn 25 tí Google ò kà, n kò tíì mọ̀ bóyá kí n wá ọ̀nà gbé wọn wọlé àbí kí n fi Data exclusions nìkan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ní kí n fi í sílẹ̀. Fọlákẹ́ pè mí, ó ní kí n gbé wọn wọlé.

Láàárọ̀ yìí mo fi fóònù kún fọ́ọ̀mù tuntun náà, ó gbé mi lọ sí `/thank-you`. Mo ti ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tí wọ́n máa pè.